Àlèébù Yẹn, Síbo Ló Ti Nọ́mbà Rẹ?

Ìbéèrè kan wà tí kò kúrò lọ́kàn mi láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èmi kọ́ ni wọ́n bi. Olùdánwò ìta kan ló bi akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan níbi tó ti ń gbèjà iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ fún oyè ẹlẹ́ẹ̀kejì níhìn-ín ní Òṣogbo, tí èmi jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn tó wá gbọ́. Bàbá náà ṣí ìwé sí abala ìkùdíẹ̀-káàtó, ó kà á sínú títí ó fi dé ìsàlẹ̀ ojú ewé, ó wá bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi, bí gbogbo ohun tí o kọ síbí bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló kù tí o fẹ́ ká gbà gbọ́?"

"Ẹ má bínú, sà. Owó ni ò tó, sà. Àkókò náà ò sì sí."

"Mi ò bi ọ́ léèrè owó. Nọ́mbà rẹ ni mò ń béèrè."

Wọ́n fún un ní oyè rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó lọ tún abala yẹn kọ. Nítorí pé a ti mọra tipẹ́, ọ̀dọ̀ mi ló gbé e wá. Iṣẹ́ náà kò le: ó lọ sí ọjà Ìgbọ̀nà, ó wọn ìfúnpá àwọn obìnrin ọlọ́jà, ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti sọ fún wọn rí ní ilé ìwòsàn pé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹ iyọ̀ sí. Ohun mẹ́ta ló wá sọ nínú àkótán rẹ̀: iye àwọn tí ìfúnpá wọn ga, pé ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀, àti pé iyọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Owó ò tó, iná ò sí

Ẹni tó bá ti ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó pọ̀ lórílẹ̀-èdè yìí á mọ abala ìkùdíẹ̀-káàtó tirẹ̀ lórí. Owó kò tó. Àkókò kò tó. Àwọn olùdáhùn kan kò fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Iná ń ṣe ségesège. Ọjà kan ṣoṣo la dé. Ẹ̀ẹ̀kan la wọn ìfúnpá. Ẹnu wọn la gbọ́ ọ̀rọ̀ iyọ̀. "Nítorí náà, kí a fi ìṣọ́ra gba àbájáde yìí."

Mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn, ìyà tó jẹ olùwádìí ni. Mo bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n kò kan òǹkàwé. Ohun tó kan òǹkàwé ni ohun tí ìyà náà ṣe sí àkọsílẹ̀. Mo bi í pé, "Owó tí kò tó yẹn, kí ló dí lọ́wọ́?" Ó ní ẹ̀rọ kan péré lòun rí rà. Ẹ̀rọ kan, ìlà àwọn tó fẹ́ wọ̀n ọ́n gùn, wọ́n sì fẹ́ padà sí ìsọ̀ wọn, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan péré ló lè wọn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó dára. A ti kúrò lórí owó, a ti dé orí àlèébù. Ìkùdíẹ̀-káàtó ni pé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n wọn ìfúnpá. Owó kàn jẹ́ ohun tó fà á ni.

Gbólóhùn ìṣọ́ra tó fi parí rẹ̀ ló tún bí mi nínú jù. Ìṣọ́ra lọ síbo? Ṣé kí n rò pé nọ́mbà náà pọ̀ jù ni, àbí pé ó kéré jù? Ìlànà STROBE, tó jáde ní ọdún 2007 fún àwọn tó ń kọ ìròyìn irú ìwádìí báyìí, kò fi ọ̀rọ̀ yẹn sábẹ́ ẹní. Nínú ohun 22 tó béèrè, èyí tó wà ní ipò 19 ni ìkùdíẹ̀-káàtó, ó sì ní kí òǹkọ̀wé sọ ibi tí àlèébù kọ̀ọ̀kan ti àbájáde sí àti bó ṣe pọ̀ tó. Ibi tó tì í sí, àti iye tó fi tì í. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa kì í kọ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ìwé àjákọ tó fi pamọ́

Ẹ jẹ́ ká wo ọjà náà fúnra rẹ̀. Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ agbọ̀n tòmátì kalẹ̀. Obì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí tí kò ní ìfẹ̀yìntì, ó na apá fún akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń dá oníbàárà lóhùn pé iye tó dá yẹn ò gbà. Kò tíì pé ìṣẹ́jú méjì tó jókòó. Aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n wé mọ́ apá rẹ̀ fún un pinpin, nítorí pé ẹyọ kan ló bá ẹ̀rọ náà wá látinú páálí, apá ìyá náà sì tóbi. Ẹrù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀, obì, ọ̀rọ̀ sísọ, àìrí ẹ̀yìn fi tì, aṣọ tó kéré fún apá: òkè ni gbogbo wọn ń ti ìfúnpá sí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń tì í sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní láti kọ ọ́ pé nọ́mbà òun "lè má péye". Ó lè kọ ọ́ pé nọ́mbà òun ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Àwọn obìnrin ọjà gan-an mọ ọ̀rọ̀ yìí jù wá lọ. Kóńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú, gbogbo ẹni tó ń ra gààrí mọ̀ pé kò pé. Ẹni tó kàn ní kóńgò náà ò dára kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹni tó mọ̀ pé ó fi ife kan dín lè rà á, kó sì mọ iye tí yóò san.

Ohun mìíràn wà tó ń gbé nọ́mbà sókè, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò ó. Ìfúnpá kì í dúró sójú kan. Bó ṣe ń lọ sókè ló ń bọ̀ wálẹ̀, láàárín wákàtí kan náà. Bí o bá fa ìlà sí 140/90, tí o kó gbogbo ẹni tó kọjá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo jọ, o ti da àwọn tí tiwọn ga lóòótọ́ pọ̀ mọ́ àwọn tó jẹ́ pé ó kàn lọ sókè lásìkò yẹn ni. Tí o bá tún wọ̀n wọ́n, àwọn kan á já sísàlẹ̀ ìlà láìlo oògùn kankan. Ìdí nìyẹn tí ìlànà STEPS ti Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n sì fi méjì tó kẹ́yìn ṣe ìṣirò.

Ibi tí mo ti ń ṣàlàyé èyí fún un ni ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Mà, mo wọn àwọn kan lẹ́ẹ̀kejì." Alábòójútó rẹ̀ ló ti sọ fún un níbẹ̀rẹ̀ pé kó máa tún ẹnì kẹrin-kẹrin wọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sinmi fún ìṣẹ́jú 5. Ó ṣe é. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àjákọ kan. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé nọ́mbà wọn ń wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rù bà á. Ó rò pé bí òun bá fi hàn pé nọ́mbà òun kì í dúró, wọ́n á já òun. Ó wá fi ìwé àjákọ náà sílé, ó sì kọ "ẹ̀ẹ̀kan la wọn ìfúnpá" sínú ìkùdíẹ̀-káàtó.

Ohun kan ṣoṣo tó lè gba iṣẹ́ náà là ló gbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bí ìṣirò náà ṣe lọ

Mi ò ní kọ nọ́mbà rẹ̀ gan-an síbí, nítorí pé iṣẹ́ náà kò tíì jáde. Èmi ni mo to àwọn tí mo fẹ́ lò yìí, kó lè rọrùn láti ṣírò. Ọ̀nà rẹ̀ kò yàtọ̀.

Ká ní obìnrin 200 ni wọ́n wọ̀n, tí ìfúnpá 80 nínú wọn sì dé 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn jẹ́ 40 nínú 100. Nínú 50 tí wọ́n tún wọ̀n, 20 ló ga lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, 5 nínú 20 yẹn já sísàlẹ̀ ìlà, ẹnì kan tí kò ga tẹ́lẹ̀ sì gòkè, ó wá ku 16. Mẹ́rìndínlógún nínú 50 jẹ́ 32 nínú 100. Bí a bá gbà pé bó ṣe rí lára 50 náà ló ṣe máa rí lára gbogbo 200, àwọn tí ìfúnpá wọn ga kì í ṣe 80 mọ́, wọ́n jẹ́ nǹkan bí 64.

Ìdí tí a fi lè gbà bẹ́ẹ̀ ni pé ẹnì kẹrin-kẹrin ló tún wọ̀n. Ká ní àwọn tí nọ́mbà wọn bà á lẹ́rù nìkan ló padà lọ bá ni, 50 náà kò ní lè ṣojú fún 200, ìṣirò yìí á sì di òfo. Ó yẹ kó kọ èyí síbẹ̀, nínú gbólóhùn kan.

Ọ̀rọ̀ kejì ló wá dùn mọ́ mi jù: pé ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀. Ká ní nínú 80 yẹn, 50 ló ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun rí. Ìyẹn jẹ́ 62 àti ààbọ̀ nínú 100. (Ẹni tó ń lo oògùn tí tirẹ̀ sì ti wálẹ̀ kò sí nínú 80 yìí, tábìlì gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀.) Wíwọ̀n lẹ́ẹ̀kan ba nọ́mbà yìí náà jẹ́, ó sì fi ọgbọ́n bà á jẹ́. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ kò ga lóòótọ́, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Kò ní in! Nítorí náà, a ti ka àwọn tí ara wọn dá mọ́ àwọn tí kò mọ̀ pé àwọn ní àrùn.

Ẹ̀rù tún fẹ́ bà á. Mo ní kó farabalẹ̀, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ká mú èyí tó burú jù. Bí 5 nínú 20 bá já, 20 ló máa já nínú 80; bí ẹnì kan nínú 30 bá gòkè, 4 ló máa gòkè nínú 120 tó kù. Ká ní gbogbo 20 tó já yẹn ni wọ́n jẹ́ ara 50 tí kò mọ̀, tí 4 tó gòkè sì ti mọ̀. Ó ku 30 nínú 64. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 47 nínú 100. Bí a tilẹ̀ gbé gbogbo ẹ̀bi náà lé e lórí, ó ṣì dúró sí nǹkan bí ìdajì.

Mo ní kó kọ "nǹkan bí ìdajì", kì í ṣe "kò tó ìdajì". Èèyàn 64 kéré. Àṣeṣì lásán lè gbé 47 yẹn sókè tàbí sílẹ̀ ní nǹkan bí 12. Àmọ́ ẹ wo ibi tí a dé. Gbólóhùn kan tó kàn ń tọrọ àforíjì ti di ìṣirò tí òǹkàwé lè tẹ̀ lé fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́yìn rẹ̀ sì le ju èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá olùdánwò béèrè ohun tó kù tí a lè gbà gbọ́. Èyí ni.

Àwọn tí kò bá nísọ̀

Lórí èyí, mi ò ní pẹ́, nítorí ìwọ̀nba ni ohun tó ṣeé sọ. Àwọn tó ń ṣàìsàn wà nílé lọ́jọ́ náà. Ìyẹn á jẹ́ kí nọ́mbà kéré. Àwọn tí orí ń fọ́, tí wọ́n ń fura sí ara wọn, ni wọ́n tètè sáré wá sídìí ẹ̀rọ ọ̀fẹ́. Ìyẹn á jẹ́ kó pọ̀. Ọ̀kan ń tì í sísàlẹ̀, ìkejì ń tì í sókè, kò sì sí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè fi mọ èyí tó borí. Ibi tó ti yẹ kéèyàn kọ ọ́ pé òun kò mọ ibi tó tì sí nìyẹn, kó sì sọ ìdí rẹ̀. Ká ní ó ti ń sàmì sí àwọn tó kọ̀, kó kọ iye wọn àti bí ọjọ́ orí wọn ṣe jọ lójú sílẹ̀, ìbá rí ohun fi wé àwọn tó gbà. Ìwé pélébé kan àti pẹ́ńsù ló gbà.

Ti ọjà kan ṣoṣo ń kọ́? Ìyẹn kò yẹ nínú ìkùdíẹ̀-káàtó rárá lójú tèmi. Ìwádìí nípa Ìgbọ̀nà tó dé Ìgbọ̀nà kò ṣẹ̀. Àkọlé rẹ̀, tó pè é ní ìwádìí "àwọn obìnrin ọlọ́jà ní Òṣogbo", ló ṣẹ̀. Yí àkọlé padà, àlèébù náà á lọ.

Iyọ̀

Ibí ni a ti fa ọ̀rọ̀. Nínú tábìlì rẹ̀, àwọn tó ní àwọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ iyọ̀ ni ìfúnpá wọn ga jù. Ó wá kọ ọ́ pé iyọ̀ kò ní ọwọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín wọn, ó sì fi kún ìkùdíẹ̀-káàtó pé "ẹnu wọn la gbọ́".

Ta ló máa ń dín iyọ̀ kù? Ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ fún ni. Ẹni tí nọ́ọ̀sì ti pariwo mọ́ pé kó yé fi Mágì àti iyọ̀ kún ọbẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ náà sì ń ṣọ́ ọ. Ìfúnpá gíga ló ṣáájú, iyọ̀ dídínkù ló tẹ̀ lé e, ó kéré tán lára àwọn tó ti mọ̀. Àwọn kan kò sì dín in kù. Wọ́n kàn mọ ìdáhùn tó yẹ kí wọ́n fún ẹni tó wọ aṣọ funfun. Ìwádìí tó béèrè ohun méjèèjì lọ́jọ́ kan náà kò lè sọ èyí tó ṣáájú.

Mo ní kó yẹ tábìlì náà wò fún àwọn tí kò mọ̀ nìkan, nítorí pé àwọn yẹn kò ní ìdí láti yí oúnjẹ wọn padà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Ìyàtọ̀ náà pòórá. Kò yí padà di ohun tó fi hàn pé iyọ̀ ń pa wọ́n lára o. Ó pòórá ni, iye tó kù sì kéré jù láti sọ ohunkóhun.

Báyìí, irú àlèébù yìí kì í ṣe ohun tí ìkùdíẹ̀-káàtó lè wò. Àwọn ìkùdíẹ̀-káàtó kan wà tó jẹ́ pé wọ́n dín nọ́mbà kù, ọ̀rọ̀ ṣì dúró. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé wọ́n gé ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀. Bí o bá rí irú ìkejì, tí o kọ ọ́ sí ojú ewé 78, tí o sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú àkótán àti nínú ìmọ̀ràn, ìjẹ́wọ́ rẹ kò wúlò. Ẹni tó bá ka àkótán nìkan, tó sì lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé iyọ̀ ò ṣe nǹkan, kò ní dé ojú ewé 78 láéláé. Àkọ́kọ́ yẹn, kọ ọ́, ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìkejì, yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò. Tábìlì lè wà níbẹ̀, kí òǹkàwé rí i.

Bó ṣe wá kọ ọ́

Abala tó jẹ́ ojú ewé kan ààbọ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ìpínrọ̀ mẹ́ta. Èyí tó wúwo jù ló ṣáájú. Ó ti kọ ọ̀kan parí nígbà tí mo rí i; àwọn nọ́mbà tí mo tò yẹn ni mo fi rọ́pò tirẹ̀ níbí:

"Ẹ̀ẹ̀kan la wọn ìfúnpá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn obìnrin yìí, lẹ́nu iṣẹ́ wọn, èyí tó ṣeé ṣe kó gbé iye àwọn tí tiwọn ga sókè. Lára 50 tí a tún wọ̀n lẹ́yìn ìsinmi ìṣẹ́jú 5, ẹnì kẹrin-kẹrin, iye náà já láti 20 sí 16. Bí a bá fi èyí tún gbogbo rẹ̀ ṣe, 40 nínú 100 di 32. Bí gbogbo àwọn tó já bá tilẹ̀ wá láti ara àwọn tí kò mọ̀, àwọn tí kò mọ̀ ṣì jẹ́ nǹkan bí ìdajì. Aṣọ apá kan náà la lò nígbà méjèèjì, nítorí náà àṣìṣe tó bá ti ibẹ̀ wá ṣì wà nínú 32 yìí, òkè ló sì ń tì í sí."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, òun ló rò ó fúnra rẹ̀. Inú mi dùn sí i gan-an ni. Kò sí "ẹ jọ̀ọ́" níbẹ̀, kò sì sí pé ìwádìí náà ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀, bí àwa òǹkọ̀wé ṣe fẹ́ràn láti fi ìyangàn ra àlèébù padà. Ó ti yọ iná tí kò sí, ó ti yọ owó. Ó tún fẹ́ fi mẹ́fà mìíràn kún un: pé ẹ̀rọ lè ní àṣìṣe, pé àwọn kan lè gbàgbé ọjọ́ orí wọn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní kó fi sílẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Bí àlèébù bá pọ̀ jù lójú ewé, òǹkàwé kò ní mọ èyí tó ṣe pàtàkì nínú wọn, nígbà mìíràn ìdí tí àwọn kan fi ń kọ ọ́ rẹpẹtẹ gan-an nìyẹn. Ohun tí mo fi ń yàn án ni pé, bí àlèébù náà bá rí bí mo ṣe bẹ̀rù rẹ̀, ṣé gbólóhùn kan á yí padà nínú àkótán? Bí kò bá ní yí padà, kò sí ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

Ohun tó ṣì kù láàárín òun àti alábòójútó rẹ̀ ni nọ́mbà tó yẹ kó ṣáájú nínú àkótán. Alábòójútó ní 32, nítorí pé òun ló súnmọ́ òótọ́ jù. Èmi rò pé 40 ni, nítorí pé òun ni wọ́n wọ̀n lára gbogbo wọn, 32 sì jẹ́ ohun tí a ṣírò látara ìdá kan nínú mẹ́rin wọn. Kí 32 wá tẹ̀ lé e nínú gbólóhùn kan náà, kó má sì jẹ́ pé wọ́n pààlà wọn sí ojú ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.